Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà: bí kíríatíìnì ṣe ń dá ATP padà sínú iṣan

Ẹ jẹ́ ká mú agbábọ́ọ̀lù apá ọ̀tún kan lórí pápá Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹgbẹ́ tó gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2025. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí iwájú rẹ̀, ó fi gbogbo ara sáré tẹ̀ lé e, ó gbá a wọ àárín, bọ́ọ̀lù bá jáde. Ó ń rìn padà sí àyè rẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìdajì ìṣẹ́jú kò tíì pé tí wọ́n tún gbé bọ́ọ̀lù mìíràn fún un, ó sì tún ní láti sáré. Eré kejì lè dà bí ti àkọ́kọ́. Nígbà tó bá di ìkẹwàá, gbogbo ẹni tó jókòó yí pápá ká ló máa mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ ni pé agbára ti tán lára rẹ̀. Èwo nínú agbára náà ló tán? Ṣúgà ṣì kún inú iṣan itan rẹ̀. Ọ̀rá ara rẹ̀ lè gbé e rìn láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ìbàdàn. Ohun tó ń wọ́n ọn ni nǹkan kékeré kan tó ń jẹ́ fọ́sífò-kíríatíìnì, tí iṣan fi ń tún ATP ṣe nígbà tí kò sí àyè láti dúró de ohunkóhun mìíràn. Ó ti ju àádọ́rùn-ún ọdún lọ tí wọ́n ti ń wádìí bó ṣe ń ṣe é, ohun tí wọ́n sì rí kò bá ohun tí àwọn tó ń ta kíríatíìnì oníyẹ̀fun kọ sára ike mu tán.

ATP nìkan ni okùn iṣan lè lò láti fà. Ìgbàkigbà tí okùn náà bá fà, yóò já fọ́sífétì kan kúrò lára ATP, ATP yóò sì di ADP tí kò wúlò mọ́ títí wọ́n á fi dá fọ́sífétì padà sí i. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí ATP tó wà nílẹ̀ ṣe kéré tó. Àwọn onímọ̀ máa ń fi òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní mílímóòlù kà á, nínú kílò kan iṣan tí wọ́n ti gbẹ omi rẹ̀ dànù. Nínú irú kílò bẹ́ẹ̀, ATP tó wà níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílímóòlù 25 lọ. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára sáré máa ń ná nǹkan bíi 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí kò bá sí ohun tó ń dá a padà, ATP á tán kí eléré tó gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Àmọ́ kì í tán. Bí wọ́n bá yẹ iṣan wò lẹ́yìn irú eré bẹ́ẹ̀, ATP rẹ̀ á ti dín díẹ̀ ni. Ìyá olóbì ní ọjà Ṣágámù lè jẹ́ ká rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ṣéńjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀. Bí oníbàárà bá rọ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà, kì í sáré lọ sí báńkì; ó máa ń ki ọwọ́ bọ àpò tó so mọ́ ìdí, tí ṣéńjì ọwọ́ rẹ̀ kò fi ní tán. ATP ni ṣéńjì ọwọ́. Fọ́sífò-kíríatíìnì ni àpò ìdí, ìlọ́po mẹ́ta ATP ló sì wà nínú rẹ̀, nǹkan bíi mílímóòlù 75 sí 80. Ṣúgà àti ọ̀rá ni báńkì: owó pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìnnà.

Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà, ìdí nìyẹn tó fi yá. Ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ kíríatíìnì káínéèsì ló ń já fọ́sífétì kúrò lára fọ́sífò-kíríatíìnì tó sì ń fún ADP. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

PCr + ADP + H⁺ ⇌ Cr + ATP

Iṣan kò nílò ọ́síjìn fún un, kò sì nílò ìgbésẹ̀ mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ṣúgà máa ń là kọjá. Díẹ̀ lára ẹ́ńsáìmù yìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn iṣan gan-an níbi tí wọ́n ti ń ná ATP, tó fi jẹ́ pé ADP kì í rìn jìnnà kó tó di ATP padà. Ẹ tún wo H⁺ tó wà lápá òsì yẹn. Òun ló ń mú kí iṣan kan, kíríatíìnì sì ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọfà tó kọjú sọ́tùn-ún àti sósì túmọ̀ sí pé ìgbésẹ̀ náà lè yí padà. Nígbà ìsinmi, ATP tuntun ló máa ń fún kíríatíìnì ní fọ́sífétì.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Kíríatíìnì fúnra rẹ̀ ti lọ́jọ́ lórí. Ní 1832 ni Michel Eugène Chevreul ará Faransé yọ ọ́ jáde láti inú ẹran. Èyí tó gbé fọ́sífétì dání ló ń sá mọ́ wọn lọ́wọ́, nítorí pé ó máa ń tú ká nínú ásíìdì tí wọ́n fi ń yẹ iṣan wò. Ní 1927, ikọ̀ méjì rí i láìbára wọn sọ: Philip Eggleton àti ìyàwó rẹ̀ Grace ní Lọ́ńdọ̀nù, àti Cyrus Fiske pẹ̀lú Yellapragada SubbaRow, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Harvard. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Karl Lohmann rí ATP ní Jámánì.

Ìgbàgbọ́ ayé ìgbà yẹn ni pé ásíìdì láátíìkì, èyí tó ń jáde láti ara ṣúgà, ló ń mú kí iṣan fà. Ní 1930 ni Einar Lundsgaard ní Copenhagen fi májèlé kan dí ọ̀nà ṣúgà pa nínú iṣan ọ̀pọ̀lọ́. Ásíìdì láátíìkì kankan kò jáde, síbẹ̀ iṣan náà ń fà. Bó ṣe ń fà ni fọ́sífò-kíríatíìnì inú rẹ̀ ń dín, nígbà tí èyí sì tán, iṣan náà gan paali. Ọ̀pọ̀ èèyàn wá rò pé fọ́sífò-kíríatíìnì gan-an ni iṣan ń jẹ. Ní 1934 ni Lohmann fi hàn pé ATP ni iṣẹ́ ń kọ́kọ́ ná, pé kíríatíìnì kàn ń dí àlàfo rẹ̀ ni. Àmọ́ kò sẹ́ni tó rí i kí ATP dín nígbà tí iṣan bá fà lẹ́ẹ̀kan, nítorí bó ṣe ń lọ ni wọ́n ń dá a padà. Ó di 1962 kí Robert Davies àti D. F. Cain tó fi májèlé mìíràn dá kíríatíìnì káínéèsì dúró nínú iṣan ọ̀pọ̀lọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, bí iṣan náà ṣe fà ni ATP rẹ̀ lọ sílẹ̀. Àyẹ̀wò yìí ló wù mí jù nínú gbogbo wọn: ẹnikẹ́ni kò rí iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù náà tẹ́lẹ̀, ìgbà tí wọ́n mú un kúrò ni wọ́n tó rí i.

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í gbá bọ́ọ̀lù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ èèyàn. Lẹ́yìn tí àwọn dókítà Sweden ti mú abẹ́rẹ́ oníhò kan wá, èyí tí wọ́n fi ń bu iṣan kékeré láti itan ẹni tó ṣì lajú sílẹ̀, ó ṣeé ṣe láti bu iṣan ṣáájú eré àti lẹ́yìn rẹ̀. Àyẹ̀wò tó bá agbábọ́ọ̀lù wa mu jù ni èyí tí Gaitanos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Loughborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1993. Ọkùnrin mẹ́jọ gun kẹ̀kẹ́ àyẹ̀wò, wọ́n fi gbogbo agbára wà á fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà, wọ́n sinmi fún ọgbọ̀n, wọ́n tún wà á, títí ó fi pé ìgbà mẹ́wàá.

Nínú ìgbà àkọ́kọ́, iṣan wọn ná ATP tó tó 89 mílímóòlù láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà yẹn, láìka èyí tí ọ́síjìn pèsè. Rántí pé 25 péré ló wà nílẹ̀. Fọ́sífò-kíríatíìnì ló san ìdajì, nǹkan bíi 44, òun fúnra rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ. Ṣúgà tí wọ́n ń já láìlo ọ́síjìn ló san ọ̀pọ̀ nínú èyí tó kù. ATP tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ dín ní ìwọ̀n 13 nínú ọgọ́rùn-ún péré. Ẹni tó bá gbọ́ pé ṣúgà kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí kíríatíìnì á fi tán, kó gbàgbé rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ bẹ̀rẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ wọn ni pé kíríatíìnì máa ń yá ju ṣúgà lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, tó sì ń tètè tán.

Ìgbà kẹwàá ló wá kọ́ wa lọ́gbọ́n. Agbára tí wọ́n fi wa kẹ̀kẹ́ ti dín sí ìwọ̀n 73 nínú ọgọ́rùn-ún ti àkọ́kọ́, ATP tí iṣan rí ṣe láìlo ọ́síjìn kò sì ju 32 lọ mọ́. Ẹni kan lè rò pé kíríatíìnì ló kọ́kọ́ tán, tí ṣúgà sì gba iṣẹ́. Òdì kejì ló ṣẹlẹ̀. Ìpín ṣúgà ti já wálẹ̀ sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún, fọ́sífò-kíríatíìnì ló ń san 80. Ìyẹn ni pé, eré ẹni náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lé ìwọ̀nba èyí tí ìsinmi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá bá dá padà fún un, pẹ̀lú ohun tí ọ́síjìn bá fi kún un. Iṣan ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù wa kò yàtọ̀, àfi pé ìsinmi tirẹ̀ kì í bára mu: nígbà mìíràn ó máa ń gba ìṣẹ́jú méjì kó tó tún sáré, nígbà mìíràn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Bí ìsinmi ṣe ń dá a padà ni ó wá kàn. Bí ásíìdì kò bá pọ̀ nínú iṣan, nǹkan bí ìdajì fọ́sífò-kíríatíìnì tó lọ máa ń padà wá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó kù á máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Lẹ́yìn eré tó le tó sì gùn, bí eré àfigbogboaráṣe ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, kì í pé tán lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́fà pàápàá. Ibo ni agbára tó ń dá a padà ti ń wá? Àwọn onímọ̀ di okùn mọ́ itan èèyàn lẹ́yìn iṣẹ́, débi tí ẹ̀jẹ̀ kò lè wọlé. Fọ́sífò-kíríatíìnì dúró síbi tó wà, kò padà wá rárá, àfi ìgbà tí wọ́n tú okùn náà. Ó ṣe kedere pé èémí ló ń kún àpò náà. Mímí hẹlẹhẹlẹ tí agbábọ́ọ̀lù wa ń mí bó ṣe ń rìn padà wà lára iṣẹ́ eré tó ń bọ̀.

Ibí yìí ni mo ti ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún àwọn kóòṣì wa. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìdánrawò níbi tí wọ́n ti ń ní kí àwọn ọmọ sá ogún mítà, kí wọ́n yí padà, kí wọ́n sá ogún mítà mìíràn, láìdúró, wọ́n á sì pe ìyẹn ní ìdánrawò eré sísá. Lẹ́yìn ìkẹta tàbí ìkẹrin, àwọn ọmọ yẹn kò sá bó ṣe yẹ kí wọ́n sá mọ́. Wọ́n ń fara da ìyà ni. Fífara da ìyà wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni wọ́n ń pè ní kíkọ́ eré. Bí ó bá jẹ́ eré ni wọ́n fẹ́, kí ìsinmi gùn tó ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta láàárín eré kan sí òmíràn. Ọ̀nà tí kóòṣì fi lè mọ̀ kò le: kó mú wọ́ọ̀ṣì ìdíwọ̀n-eré dání. Bí àkókò ogún mítà bá ti ń gùn sí i, ìsinmi kò tó. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ kí wọ́n tètè padà bọ̀ sípò láàárín eré, ìdánrawò tó ń mú èémí gùn ló nílò.

Eré kan ṣoṣo yàtọ̀. Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó jẹ́ aládùúgbò wa, sá ọgọ́rùn-ún mítà onígi ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene ní 24 oṣù Keje 2022, kò sì sí obìnrin tó tíì sá a yá bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú fọ́sífò-kíríatíìnì ti lọ nígbà tí eré bá dé ìdajì, ṣúgà ló sì ń gbé eléré dé òpin. Kò sí ìsinmi tí kíríatíìnì lè fi padà wá, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò pọ̀ tó bó ṣe pọ̀ nínú bọ́ọ̀lù.

Wàyí o, bí èèyàn bá jẹ kíríatíìnì kún un ńkọ́? Ní 1992, ọdún tí àwọn ọmọ wa gba fàdákà àti idẹ nínú eré àfọ̀pásá ti Barcelona, ni Roger Harris, ẹni tó ti ń ṣèwádìí lórí ẹṣin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú Karin Söderlund àti Eric Hultman ní Sweden, gbé àyẹ̀wò wọn jáde. Wọ́n fún èèyàn ní gíráàmù márùn-ún, ìgbà mẹ́rin sí mẹ́fà lóòjọ́. Gbogbo kíríatíìnì inú iṣan pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣeré lójoojúmọ́ sì gbà ju èkejì tó ń sinmi lọ, láti nǹkan bíi mílímóòlù 118 dé 162, nígbà tí èkejì dé 149. Àyẹ̀wò mìíràn tí Hultman ṣe ní 1996 fi hàn pé gíráàmù mẹ́ta péré lóòjọ́ fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n á gbé èèyàn dé ibì kan náà tí ogún gíráàmù lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà ń gbéni dé. Iṣan ní ibi tó ń kún mọ, èyí tó bá ṣẹ́kù á bá ìtọ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí èyí jẹ́. Díẹ̀ nínú àfikún náà ló ń di fọ́sífò-kíríatíìnì. Ẹ jẹ́ ká ní ó jẹ́ mílímóòlù 10. Bí eléré bá ń ná 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò tó eré ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí wọ́n fi àwòrán kìnnìún polówó rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ ní orí pápá, ó lè tó mítà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ó tún lè hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìsinmi: ní 1994, Paul Greenhaff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé márùn-ún nínú èèyàn mẹ́jọ tí wọ́n fún ní kíríatíìnì ni iṣan wọn gbà á dáadáa, fọ́sífò-kíríatíìnì àwọn wọ̀nyí sì tètè padà ní ìṣẹ́jú kejì ìsinmi. Àwọn mẹ́ta yòókù fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan. Vandenberghe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un wò ní 1999, wọn ò rí i kí ìsinmi yá. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ yìí kò tíì tán. Èyí tí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé àpapọ̀ iṣẹ́ inú eré àtúnṣe-àtúnṣe máa ń pọ̀ díẹ̀ sí i, pé ìwúwo ara sì ń fi kílò kan tàbí méjì kún un, nítorí kíríatíìnì máa ń fa omi wọ inú iṣan. Ẹni tó ń sá eré jíjìn kò nílò ẹrù yẹn.

Ẹni tí iṣan rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tẹ́lẹ̀ kì í rí àǹfààní púpọ̀, oúnjẹ sì wà lára ohun tó ń pinnu ìyẹn. Ara ń ṣe nǹkan bíi gíráàmù kan lóòjọ́ nínú kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀, ẹran àti ẹja ló ń mú ìyókù wá. Nínú àwo ìkọ́kọrẹ́, ewùrà kò ní kíríatíìnì kankan. Ẹja inú rẹ̀ ló ń gbé e wá. Kílò ẹran màlúù kan ní gíráàmù mẹ́rin sí márùn-ún, tí sísè fún ìgbà pípẹ́ tún ń dín kù, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ rí ogún gíráàmù láti inú ẹran á jẹ kílò mẹ́rin ó kéré tán lóòjọ́. Ẹni tí kì í jẹ ẹran àti ẹja rárá ló sábà máa ń rí ìyàtọ̀ jù nígbà tó bá lo oníyẹ̀fun.

Ní ti yẹ̀fun náà, ọ̀pọ̀ ọmọ jíìmù máa ń fi ìdí ife mọ̀ ọ́n: bí ó bá ṣẹ́ kù bí iyanrìn, wọ́n á ní ayédèrú ni. Rárá o. Omi tútù kì í tú u dáadáa. Gíráàmù márùn-ún nílò omi tó ju ìdá mẹ́ta lítà kan lọ kó tó tú tán. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ á tú u. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pípò ó sínú zóbò tàbí omi ọsàn kíkan, kí wọ́n sì gbé e sílẹ̀ de ọ̀la àti ọ̀túnla. Nínú omi tó kan dáadáa, ìdá márùn-ún rẹ̀ lè ti bàjẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta ní yàrá tí kò gbóná tó tiwa.

Ohun tó ń bàjẹ́ dà ni kíríatíníìnì, èyí tí orúkọ rẹ̀ jọ ti kíríatíìnì tó sì ń dẹ́rù ba èèyàn nílé ìwòsàn. Iṣan gbogbo èèyàn ló ń sọ díẹ̀ nínú kíríatíìnì rẹ̀ di kíríatíníìnì lójoojúmọ́, kíndìnrín sì ń sẹ́ ẹ jáde. Òun ni àwọn dókítà fi ń yẹ kíndìnrín wò, ní Ṣágámù bíi níbikíbi. Ọmọkùnrin tí iṣan rẹ̀ pọ̀, tó sì ń lo gíráàmù márùn-ún lóòjọ́, lè gba èsì tó ga díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, láìjẹ́ pé kíndìnrín rẹ̀ ní àrùn. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ara wọn le, kíríatíìnì kò ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó láìgbọ́ ti dókítà. Ohun tó yẹ kí ọmọ náà ṣe ni kó sọ fún dókítà pé òun ń lò ó, kí dókítà lè ní kó dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, tàbí kó fi sísítátíìnì C wo kíndìnrín náà, nítorí ìyẹn kì í wá láti ara kíríatíìnì.